Nígbà tí imú ò yé ṣẹ̀jẹ̀: bí ẹ ó ṣe dá a dúró, àti bí ẹ ó ṣe wá ìdí rẹ̀

Tí ọyẹ́ bá ti mú, ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, inú imú náà á gbẹ. Láti nǹkan bí oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, kì í ṣe ohun àjèjì kí ọmọ jí láàárọ̀ kí ìyá rẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a lè dá dúró nínú ilé láìlo oògùn kankan, tí a bá mọ ibi tí a ó fọwọ́ mú àti bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tàbí tó pẹ́ kó tó dá, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó ń fà á.

Nínú imú, ògiri kan wà tó pín ihò méjèèjì níyà. Iwájú ògiri yìí, níbi tí ìka ọmọdé lè dé láìṣe wàhálà, ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké láti ọ̀nà oríṣiríṣi ti pàdé, tí wọ́n lọ́ mọ́ra lábẹ́ awọ tó fẹ́lẹ́ gan-an. Nínú ẹni 10 tí imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 9 ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú kọ́kọ́ ń kàn. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ikun imú á gbẹ, á di èépá, èépá á máa yún ọmọ, ọmọ á fi ìka họ ọ́, awọ á bó, ẹ̀jẹ̀ á dà. Bí ojú ibẹ̀ bá sì ti ń jinná, á tún di èépá, á tún máa yún un. Bí imú ṣe lè máa ṣẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nìyẹn láìsí àrùn kankan lára ọmọ.

Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́

1. Ẹ jókòó, kí ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lórí itan. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ yín kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà yín. Ẹ má gbé orí sókè, ẹ má sì dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ni pé ká gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ò rójú imú jáde mọ́ á gba ọ̀fun lọ sínú ikùn ni. Á rú ikùn sókè, ẹni náà á bì, èébì á tún mú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lára ọmọdé tàbí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti rẹ̀, ó tilẹ̀ lè gba ọ̀nà èémí lọ.

2. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú apá rírọ̀ imú, ìyẹn ìsàlẹ̀ ibi tí eegun parí sí, kí ẹ sì fún ihò méjèèjì pa pọ̀ mọ́ ògiri àárín. Kódà bó bá jẹ́ ihò kan ló ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ mú méjèèjì. Ẹni tó bá fún eegun imú lókè ń ṣe lásán ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde.

3. Ẹ wo aago. Fún ọmọdé, ìṣẹ́jú 10 gbáko. Fún àgbàlagbà, ìṣẹ́jú 15. Ẹ má tú ọwọ́ sílẹ̀ láàárín ìgbà náà rárá, kì báà jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọ́n á mú un fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tú u wò, wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún mú un, wọ́n á ní àwọn ti mú un fún ìdajì wákàtí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tú u, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì náà á ṣí, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

4. Kí ẹni náà máa fi ẹnu mí, kó sì tu ẹ̀jẹ̀ tó bá dé ẹnu sínú abọ́. Abọ́ náà á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ tó bá rin aṣọ máa ń jọ pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ, èyí tí a sì gbé mì, ojú ò rí i rárá.

5. Tí àkókò bá pé, ẹ rọra tú ọwọ́ sílẹ̀. Tó bá ṣì ń dà, ẹ tún mú un fún iye àkókò kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ìdajì wákàtí bá pé tí ẹ fi ń mú un dáadáa tí kò sì dá, ọsibítù ló kàn, kí ọwọ́ sì wà nímú náà títí ẹ ó fi débẹ̀.

Yìnyín tàbí omi tútù níwájú orí tàbí lọ́rùn kì í pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ọwọ́ tó fún imú. Ẹ má ki bébà, òwú, omi ewé tàbí tábà sínú imú. Òwú gbígbẹ á lẹ̀ mọ́ ojú egbò, nígbà tí ẹ bá sì fà á yọ, á bó èyí tó ti dì dànù.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró de ìdajì wákàtí náà rárá: ẹni tó ṣubú tàbí tó ní ìjàǹbá tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi wàfárìnì, ẹni tí òòyì ń kọ́, tí ara rẹ̀ tutù tí ó ń làágùn, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ṣì, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ọ̀fun rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mú imú rẹ̀ pa. Kí gbogbo wọn mú imú wọn dání lọ sí ọsibítù.

Lẹ́yìn tó bá ti dá, kí ẹni náà má fun imú, kó má gbé ẹrù wúwo, kó má sì tẹ̀ ba sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Kó jẹ́ kí oúnjẹ àti tíì tutù díẹ̀ kó tó jẹ ẹ́ tàbí mu ún. Bó bá fẹ́ sín, kó la ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e

Ìtọ́jú inú imú lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dá ló ń fòpin sí àpadàbọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn èèyàn kì í ṣe. Ẹ mú fásílìnì tí kò ní òórùn kankan nínú, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi orí ìka tó mọ́ fi í sí ẹnu ihò imú, níhà ògiri àárín, láìki ìka náà wọlé jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ fún imú láti òde díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tàn ká. Láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kódà bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tún wá mọ́ láti ọjọ́ kẹta. Ẹ má pọ̀ ọ́ jù: ọ̀rá tó bá pọ̀ tó sì ń ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró lójoojúmọ́ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Omi iyọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ sì lè ṣe é fúnra yín. Ọ̀rá omi pọ́ọ̀ kan tí wọ́n ń tà káàkiri máa ń gba nǹkan bí ìdajì lítà. Ẹ da omi náà sínú ìkòkò, ẹ sè é títí á fi hó, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i, èyí tí kò ga lórí ṣíbí. Ẹ kán díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 3 tàbí 4 lóòjọ́, kí ẹ tó fi fásílìnì. Ẹ dà èyí tó kù nù lálẹ́, kí ẹ se òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fo sísè yẹn, nítorí kòkòrò tí ikùn lè borí lè ṣe ìpalára tó burú tó bá gba imú wọlé.

Ẹ gé èékánná ọmọ kúrú. Ẹ má jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i lójú tààrà ní gbogbo òru, kí ẹ sì so aṣọ ìnura tútù kọ́ sínú yàrá. Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Ṣìkágò, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù ń ṣe fún imú yín gẹ́gẹ́ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe fún tiwa nílé, ìtọ́jú kan náà sì ni. Tí ẹ bá lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi sínú afẹ́fẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èbu á gbilẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn tí wọ́n ń fọ́n símú nítorí ara tó ń kọ eruku, kó yí ẹnu ìgò náà síhà etí, kì í ṣe síhà ògiri àárín. Èyí nìkan máa ń tó láti dá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì dúró.

Ọmọ ọdún 7 kan, àti ìwé kékeré ìyá rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin ọdún 7 kan n'Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá ìwé kékeré kan, ó ń kọ ohun márùn-ún sínú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀: ọjọ́, ihò tí ẹ̀jẹ̀ ti wá, iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó dá, ohun tí ọmọ ń ṣe lọ́wọ́, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ jáde níbòmíì lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó wà níbẹ̀ rèé: ihò ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, òsì lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 6, 8 àti 5, ẹ̀ẹ̀mejì lójú oorun, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó ń fọwọ́ tọ́ imú, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbòmíì.

Ìwé yìí fi ọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń tètè dá, ó ń wá láti iwájú, ọwọ́ ọmọ náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Wọ́n ṣe ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ méjì tí mo sọ lókè, ó sì dín kù sí ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì tún wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ìdí láti gba ẹ̀jẹ̀ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ká ní ohun tó wà nínú ìwé náà yàtọ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni ìgbà gbogbo, tí omi tó ń rùn sì ń jáde níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ti ki nǹkan sínú rẹ̀: hóró ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀, fóòmù. Ẹ má gbìyànjú láti fi ẹ̀mú yọ ọ́ nílé, ẹ ó kàn tì í wọlé sí i ni. Bó bá jẹ́ bátìrì kékeré pẹrẹsẹ, irú ti aago àti nǹkan ìṣeré, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè lu ògiri imú náà. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bàlágà ni, tí ihò imú kan dí tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ń jáde níbẹ̀, kí dókítà imú, etí àti ọ̀fun wò ó, nítorí kókó kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń hù lẹ́yìn imú irú wọn.

Bó bá wá jẹ́ pé ìgbà gbogbo ló ń kọjá ìṣẹ́jú 20, ẹ rántí ìtàn ọmọ náà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dá abẹ́ fún un, ṣé ẹ̀jẹ̀ tètè dá, àbí wọ́n gbé e padà lọ ní òru? Nígbà tí eyín rẹ̀ yọ, ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀ títí di ọjọ́ kejì? Ṣé ara rẹ̀ máa ń ní àpá dúdú ní ẹ̀yìn tàbí níkùn, níbi tí kò ti gbá ara mọ́ nǹkan? (Ti ojúgun kò tó nǹkan, gbogbo ọmọ tó ń sáré ló ní in.) Ṣé orúnkún tàbí ìgúnpá rẹ̀ máa ń wú fúnra rẹ̀? Ṣé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin kan wà tó ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí irú ìbéèrè wọ̀nyí máa ń tọ́ka sí himofílíà, àìsàn tó ń gba ọ̀dọ̀ ìyá dé ara ọmọkùnrin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa. Ìyá lè máà ní àmì kankan.

Ẹ má sì rò pé ti ọmọkùnrin nìkan ni. Àìsàn míì wà tí wọ́n ń pè ní fọn Wílébrándì, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ àìdì tí à ń jogún, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń ní in. Nínú obìnrin, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láti kékeré máa ń bá nǹkan oṣù tó ń kọjá ọjọ́ 7 rìn, tàbí èyí tó ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ wọn á ti máa pè é ní ogún ìdílé, pé bí ti ìyá àwọn ṣe rí nìyẹn. Òótọ́ ni pé ogún ìdílé ni, ṣùgbọ́n ó ní ìtọ́jú.

Tí ẹ bá fura sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ sọ fún dókítà kó ṣe àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń fi iye sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì hàn, pẹ̀lú àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ẹ mọ̀ pé àwọn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí lè dára kí àìsàn fọn Wílébrándì ṣì wà níbẹ̀. Ìtàn tí ẹ bá kó lọ ló máa jẹ́ kí dókítà wá a síwájú.

Ti àgbàlagbà: ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá ẹni ọdún 58 kan ní Abẹ́òkúta ni imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀. Wọ́n mú imú rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ó ń ṣàn gba ọ̀fun rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 kò dá. Ní ọsibítù, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 188/104. Wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fún oṣù kan nítorí ara òun ti yá, òun sì ń lo asipirín fún ara ríro. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n tún wọn ìfúnpá: 164/98.

Ohun méjì ló wà nínú ìtàn yẹn. Àkọ́kọ́, ẹ̀rù gan-an máa ń gbé ìfúnpá sókè, nítorí náà nọ́ńbà tí wọ́n rí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Lójú tèmi, àṣìṣe ni láti máa sọ fún gbogbo ẹni tí imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ohun tó dájú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó dá, àti pé iṣan ẹni tó ti ní in fún ọdún púpọ̀ máa ń le, kò ní lè fún ara rẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ nígbà tó bá ya. Àmọ́ 164/98 lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀ ṣì ga jù, òun gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún tí imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, kó wọn ìfúnpá rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí àròpín rẹ̀ nílé bá tó 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ rí dókítà. Kò gbọ́dọ̀ gbé oògùn ìlọ́po méjì mì láti yára já a wálẹ̀. Ìfúnpá tó bá já lójijì lè fa rọpárọsẹ̀. Tó bá jẹ́ 180/120 pẹ̀lú àyà dídùn, ojú tó ṣú tàbí apá tó kú tìpìrì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì ni asipirín. Hóró kan ṣoṣo máa ń dí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ́wọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, kì í ṣe wákàtí díẹ̀. Ẹni tó ń rà á ní kẹ́mísìtì fún ara ríro, parasẹtamọ́ ni kó lò dípò rẹ̀, ibuprofẹ́nì náà kò dára fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ dókítà ló kọ asipirín tàbí wàfárìnì fún un nítorí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n bá a tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Kó sọ àgbo tó ń mu náà, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ọtí sì máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Àmì méjì míì wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ lára àgbàlagbà. Ẹni tí ihò imú kan dí, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, tí kókó sì yọ lọ́rùn rẹ̀ tàbí tí etí kan ń dí, kó má fi ọ̀sẹ̀ kan falẹ̀, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú. Ẹni tí àmì pupa kéékèèké wà ní ètè àti ahọ́n rẹ̀, tí imú òun àti ti òbí rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè jẹ́ àìsàn ìdílé tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti irú èyí kì í gbọ́ fásílìnì nìkan.

Tí ibà bá wà nínú rẹ̀

Àsìkò ọyẹ́ kan náà ni ibà Lásà máa ń gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà, Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára ìpínlẹ̀ tó máa ń bá jù. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí oògùn ibà kò ràn án, tí ọ̀fun tàbí àyà ń dùn ún, tí ó ń bì, tí imú tàbí èrìgì rẹ̀ wá ń ṣẹ̀jẹ̀, ti ọyẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí ẹ sì sọ fún ọsibítù kí ẹ tó gbé e wọlé kí wọ́n lè múra sílẹ̀.

Ohun tí wọn ó ṣe ní ọsibítù

Bí dókítà bá rí iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀, á fi oògùn mú ojú ibẹ̀ kú tìpìrì, á sì fi oògùn míì jó o díẹ̀ kó lè pa pọ̀. Ihò kan ni wọ́n máa ń jó lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá jó ọ̀tún àti òsì lójú kan náà ní ọjọ́ kan, ògiri àárín lè lu, torí náà tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá fún ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ má bínú. Bí wọn ò bá rí ojú ibẹ̀, wọ́n á ki nǹkan wọ imú láti fún un pa, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má fà á yọ nílé, bó ti wù kó máa ni yín lára tó. Tí ibà bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú imú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ọ̀fun, ẹ padà sí ọsibítù ní òru ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìwé kékeré yín àti gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò nínú ọ̀rá kan.